Ìwé Ìyọkúrò Kì Í Ṣe Owó Àdápadà

Ní oṣù tó kọjá, wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí ilé ìtajà kan ní Ìbàdàn Mẹ́sí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, nítorí pé ẹni méjì tí wọ́n ti ń bá ara wọn ná ọjà fún ọdún mẹ́sàn-án, tí wọ́n sì ti dà bí ọmọ ìyá, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ so mọ́ ara wọn lọ́rùn nítorí ₦107,500. Alhaji tó ni ilé ìtajà náà ń ta àga oníke. Ìyá Alága, bí gbogbo àdúgbò ti ń pe oníbàárà rẹ̀, a sì máa fi àga háyà fún àwọn tó bá ní ìnáwó. "Alhaji, ẹ má sọ mí di olè lójú ọmọ mi," ni ìyá náà wí, "owó yín kò sí lọ́wọ́ mi." Alhaji dá a lóhùn pé, "Ìyá Alága, èmi kò pè yín lólè, ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé báńkì yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yọ̀ǹda owó kan náà." Mo jókòó, mo bèèrè fún gbogbo ìwé wọn, nítorí iṣẹ́ akọ̀wé ìṣirò ni mo ṣe jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ̀ pé nígbà tí olóòótọ́ méjì bá ń jà lórí owó, ìwé ni kí a kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta, ìyá náà ra igba àga, ₦5,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó jẹ́ ₦1,000,000. Owó orí ọjà, tí ó ti wà ní 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní Nàìjíríà láti oṣù Kejì ọdún 2020, sì jẹ́ ₦75,000, gbogbo rẹ̀ wá di ₦1,075,000, tí ó san lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú ẹrù kalẹ̀, ogún nínú àwọn àga náà ti sán ní ẹsẹ̀. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ni ó dá wọn padà. Ní ọjọ́ kejì, akọ̀wé Alhaji kọ ìwé tí àwọn oníṣirò ń pè ní kírẹ́díìtì nóòtù fún un, tí èmi yóò máa pè ní ìwé ìyọkúrò, iye rẹ̀ jẹ́ ₦100,000 fún àga àti ₦7,500 fún owó orí ọjà. Ní ọjọ́ 10 oṣù yẹn, Alhaji fúnra rẹ̀ fi ₦107,500 ránṣẹ́ sí àkáǹtì ìyá náà ní báńkì. Títí dé ibẹ̀, ohun gbogbo tọ́, kò sì sí ẹni tó rẹ́ ẹnì kan jẹ.

Ìwé ìyọkúrò kì í ṣe owó. Ọ̀rọ̀ ẹnu olùtajà ni, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ pé: "Nínú iye tí mo kọ sí ọ lọ́rùn tẹ́lẹ̀, mo ti yọ báyìí kúrò." Bí oníbàárà kò bá tíì sanwó, gbèsè rẹ̀ ni ìwé náà dín kù, kọ́bọ̀ kan kò sì ní jáde nínú àpótí ẹnikẹ́ni, ká ní ìyá náà ṣì jẹ ₦1,075,000 ni, ₦967,500 ni ìbá san, ọ̀rọ̀ ìbá sì parí. Bí ó bá ti sanwó tán, nígbà náà ìwé yìí sọ olùtajà di onígbèsè oníbàárà rẹ̀. Owó àdápadà ní tirẹ̀ ni sísan gbèsè yẹn: owó ló ti ibì kan kúrò lọ sí ibòmíràn, báńkì ló sì lè jẹ́rìí rẹ̀. Ojú kan ni àdá ń ní. Ìwé ìyọkúrò kò lè ṣe iṣẹ́ owó, bẹ́ẹ̀ ni owó tí a dá padà kò lè ṣe iṣẹ́ ìwé ìyọkúrò.

Nítorí náà, ibi tí a ti ń kọ wọ́n yàtọ̀. Ìwé ìyọkúrò ń lọ sí orí iye ọjà tí a tà, ó ń dín in kù ní ₦100,000. Ó ń lọ sí orí owó orí ọjà tí a gbà pamọ́ fún ìjọba, ó ń dín in kù ní ₦7,500. Ó sì ń lọ sí àkáǹtì oníbàárà, níbi tí yóò ti hàn pé ₦107,500 jẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ wa. Kò gbọ́dọ̀ dé inú ìwé owó rárá. Ibi méjì péré ni owó àdápadà ń lọ: inú ìwé owó, tí yóò fi hàn pé ₦107,500 jáde ní báńkì, àti àkáǹtì oníbàárà kan náà, tí yóò fi hàn pé a ti san ohun tí a jẹ ẹ́. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò; láti ìgbà tí Luca Pacioli ti tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní Fẹ́níìsì ní ọdún 1494, tí ó ṣàlàyé bí àwọn oníṣòwò ìlú náà ti ń kọ ohun kọ̀ọ̀kan sí ìhà méjì, ìlànà kan náà ni a ṣì ń tọ̀.

Apá kejì yìí ni akọ̀wé Alhaji gé kúrò. Nígbà tí ó rí i pé ₦107,500 jáde ní báńkì, tí kò sì sí ẹni tó sọ ìdí rẹ̀ fún un, ó kọ ọ́ sí abẹ́ ìnáwó ilé ìtajà, láàárín owó epo jẹnẹrétọ̀ àti owó àwọn alábàárù. Àkáǹtì ìyá náà wá dúró bí ẹni pé a kò tíì san nǹkan kan fún un. Ní oṣù Kẹfà, ọmọ rẹ̀ wá ra àádọ́ta àga sí i, ₦250,000 pẹ̀lú ₦18,750, tí ó jẹ́ ₦268,750. Ọmọdékùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ wo àkáǹtì, ó rí ₦107,500 tí ó sùn síbẹ̀, ó yọ ọ́, ó sì gba ₦161,250. Ọmọ náà rò pé ìyá òun àti Alhaji ti jọ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọdékùnrin náà ń tẹ̀lé ohun tí ìwé wí. Ta ni a ó dá lẹ́bi nínú wọn?

Àṣìṣe yìí kì í pariwo. Báńkì àti ìwé owó bá ara wọn mu rẹ́gí, nítorí pé owó tó jáde ni wọ́n kọ pé ó jáde. Ibi tí ó ti ń hàn ni àkáǹtì àwọn oníbàárà: bí ẹ bá rí i pé a jẹ ẹni tó ti gba owó rẹ̀ tán, tí iye kan náà gan-an sì wà lábẹ́ ìnáwó, ẹ ti rí i mú. Ó ti ba èrè oṣù náà jẹ́ pẹ̀lú, nítorí pé ìwé ìyọkúrò ti dín ọjà títà kù lẹ́ẹ̀kan, ìnáwó èké tún wá jẹ ₦107,500 nínú èrè. A kì í mọ ọkọ ọmọ kí a tún mọ àlè rẹ̀.

Àwọn mìíràn a máa ṣe òdì èyí: wọn a dá owó padà láìkọ ìwé ìyọkúrò kankan. Ní ti irú wọn, ọjà títà yóò dúró sí ₦1,000,000, bẹ́ẹ̀ sì ni wọn yóò kó ₦75,000 fún ìjọba dípò ₦67,500, tí wọn yóò fi ₦7,500 ta ìjọba lọ́rẹ lórí àga tí ó ti padà sílé.

Ìwé tí a fi bèèrè ọjà ni mo tún yẹ̀ wò, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ dùn mí jù. Akọ̀wé ti pa 200 rẹ́, ó fi 180 rọ́pò rẹ̀. Ó rò pé òun ń tún ìwé ṣe ni, ṣùgbọ́n wébíìlì tí awakọ̀ fọwọ́ sí wí pé igba àga ni ó kúrò ní ilé ìkẹ́rù, risíìtì sì wí pé owó igba ni a gbà. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kì í di ohun tí kò ṣẹlẹ̀. A bèèrè igba, a kó igba, ogún padà: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ìwé náà sọ, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí a wá kọ nọ́ńbà ìwé ìyọkúrò sí i, àti ọjọ́ àti iye owó tí a dá padà. Ìwé ìyọkúrò pẹ̀lú gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ó dárúkọ ìwé ọjà tí ó ń tún ṣe, kí ó sì sọ ìdí. Bákan náà ni ti oṣù: oṣù Kẹta ni a tà á, oṣù Kẹrin ni ó padà, oṣù Kẹrin sì ni ìyọkúrò náà yóò wà, a kò gbọ́dọ̀ padà lọ ṣí ìwé oṣù Kẹta tí a ó fi jíyìn owó orí ọjà fún ìjọba ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin.

Bí oníbàárà bá fẹ́ kí owó rẹ̀ dúró de ọjà mìíràn, kò burú, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ìwé ọjà tuntun gbọ́dọ̀ sọ iye rẹ̀ pé pérépéré, ₦268,750, kí a sì fi ₦107,500 náà sí i gẹ́gẹ́ bí owó tó ti wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá kọ ìwé ọjà ní ₦161,250 ti fi ọjà títà pamọ́, ó sì ti yọ owó orí ọjà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Títí di ọjọ́ tí oníbàárà bá lò ó, gbèsè ni owó yẹn jẹ́ lọ́rùn olùtajà, kì í ṣe èrè. Mo sì sọ fún Alhaji pé kí ó yọ pátákó tó kọ́ sára ògiri, tí ó wí pé owó tó bá ti wọlé kì í jáde mọ́, nítorí pé òfin àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ìdáàbòbò oníbàárà fún ẹni tó ra ọjà tó lábùkù ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà kí ó sì gba owó rẹ̀. Olùtajà lè fi ìwé ìyọkúrò lọ̀ ọ́ dípò owó. Kò lè fi dè é.

Ní ti ogún àga tó sán, mo bá wọn ní kọ̀rọ̀ ilé ìkẹ́rù, bẹ́ẹ̀ ni ìwé sì ti kà wọ́n mọ́ àwọn àga tó dára, ₦4,000 tí Alhaji ra ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦80,000 lápapọ̀. Mo ní kí wọ́n yọ wọ́n kúrò níbẹ̀, kí wọ́n kó wọn padà fún ẹni tó ṣe wọ́n, kí òun náà kọ ìwé ìyọkúrò tirẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, a mú ₦107,500 kúrò lábẹ́ ìnáwó, a gbé e lọ sí àkáǹtì Ìyá Alága, níbi tí ó yẹ kí ó wà láti ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin. Nígbà tí ìyá náà fojú ara rẹ̀ rí ìlà méjèèjì, ó ní, "Alhaji, ẹ̀yin lẹ jàre." Ó san owó náà ní ọjọ́ kẹta, wọ́n sì já risíìtì fún un.