Fọ́tò Kan Kò Lè Jẹ́rìí fún Ẹgbẹ̀ta Aṣọ

Kò ṣàjèjì mọ́ ní ilẹ̀ wa kí ẹgbẹ́ kan, ìbáà ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí ẹgbẹ́ olùkọ́, yan aṣọ àǹkò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dé Gbági tàbí Balógun. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni àwọn tí a yàn ti ń wo àwòrán aṣọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń sanwó kí aṣọ tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ yóò rí i nígbà púpọ̀ pé ọmọbìnrin kan náà ni ó wà nínú ogún tàbí ọgbọ̀n aṣọ, tí ẹ̀rín kan náà wà ní ẹnu rẹ̀, tí ọwọ́ kan náà sì wà ní ìbàdí rẹ̀. Kì í ṣe pé ó wọ ọgbọ̀n aṣọ. Ó ṣeé ṣe kí ó má tilẹ̀ wọ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Ẹ̀ẹ̀kan ni a ya fọ́tò rẹ̀; kọ̀ǹpútà ni ó fi gbogbo ìyókù wọ̀ ọ́.

A kò sọ pé ọgbọ́n yìí jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lè sọ òtítọ́ nípa àwọ̀ aṣọ àti nípa ohun tí ó bá ohun mìíràn lọ, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́rìí sí bí aṣọ náà yóò ti bá ara mu. Oníṣòwò tí ó bá ń lò ó láìsọ fún ẹni tí ń rajà ń pe ẹni tí kò sí níbẹ̀ wá jẹ́rìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìdí tí àwọn oníṣòwò fi ń ṣe é. Kí a wí pé obìnrin kan ní Ìbàdàn ní oríṣi bùbá 12, oríṣi ìró 10, àti oríṣi gèlè 5 nínú ọjà rẹ̀. Bùbá kọ̀ọ̀kan lè bá ìró mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ, èyí sì jẹ́ ọ̀nà 120. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀nà 120 yìí tún lè bá gèlè márààrún lọ, ó di 600. Mọ́dẹ́ẹ̀lì wo ni yóò pààrọ̀ aṣọ ní ìgbà 600? Èrè wo ni ó sì lè san owó ayafọ́tò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Nítorí náà, obìnrin yìí ya fọ́tò mọ́dẹ́ẹ̀lì ní ẹ̀ẹ̀kan péré, nínú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó fún mọ́ ara. Ó wá ya bùbá, ìró àti gèlè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lára ọmọlangidi alára ènìyàn, irú èyí tí àwọn aránṣọ máa ń gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù. Fọ́tò 28 ni gbogbo rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni yóò máa tò wọ́n lé ara wọn bí oníbàárà bá ti fẹ́. Ẹni tí ó bá bu ẹnu àtẹ́ lu irú ìṣọ́wóná bẹ́ẹ̀ kò mọ ìnira ọjà títà.

Iṣẹ́ náà ní òfin tirẹ̀, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kì í fi wàdùwàdù ṣe é. Kámẹ́rà kò gbọdọ̀ yẹ̀ kúrò lójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni a ń gbé e lé, a sì ń fi ẹfun sàmì sí ilẹ̀ kí ọmọlangidi lè dúró gan-an níbi tí mọ́dẹ́ẹ̀lì dúró sí. Apá kan náà ni ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ti máa wá. Lẹ́yìn èyí, a óò gé gbogbo ohun tí ó yí aṣọ ká kúrò, a óò sì fi àwòrán náà pamọ́ sínú fáìlì PNG, nítorí pé PNG lè jẹ́ kí ibi tí aṣọ kò sí ṣófo, kí a sì lè rí ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. JPEG kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni yóò fi àwọ̀ kan dí àyè náà. Ara ni ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, bùbá lé e, ìró lé etí bùbá, gèlè sì wà lókè. Ọwọ́ tí mọ́dẹ́ẹ̀lì fi lé ìbàdí ni a ó tún gé lọ́tọ̀, kí a sì dá a padà sí orí ìró. Bí a bá gbàgbé rẹ̀, aṣọ yóò gbé ọwọ́ mì.

Títí dé ibí yìí, kò sí ẹ̀tàn kankan. Ibi tí ẹ̀tàn ti ń wọlé ni ìgbà tí aṣọ kò bá ara mọ́dẹ́ẹ̀lì mu. Bí bùbá bá gbòòrò jù fún ọmọlangidi, a máa ń fi abẹ́rẹ́ tàbí ìpíńnì fún un mọ́ ọn lẹ́yìn, níbi tí kámẹ́rà kò lè rí. Bí etí rẹ̀ bá ṣì yọ síta lára àwòrán mọ́dẹ́ẹ̀lì, a óò fà á wọlé lórí kọ̀ǹpútà títí yóò fi gba ibi tí ara gbà. Nígbà náà, kì í ṣe aṣọ ni a ń fi hàn mọ́, ara mọ́dẹ́ẹ̀lì tí a kùn ní àwọ̀ aṣọ ni. Léèsì tí ó le gbagidi, ṣífọ́ọ̀nù tí ń ṣàn bí omi, àti aṣọ òkè tí ó nípọn, gbogbo wọn yóò wá bọ́ sí ara kan náà ní ọ̀nà kan náà. Gbogbo ìyá tí ó ti ránṣọ rí mọ̀ pé irọ́ gbáà ni èyí.

Ọ̀nà kejì wà tí ó tún léwu jù èyí lọ fún àwọn tí ń ra aṣọ ẹgbẹ́. Nínú rẹ̀, aṣọ funfun kan ṣoṣo ni mọ́dẹ́ẹ̀lì wọ̀. A óò wá mú àwòrán àǹkárá, a óò fi bo aṣọ funfun náà, a óò sì yan Multiply lórí kọ̀ǹpútà kí òjìji àwọn ìṣẹ́po aṣọ lè hàn láti abẹ́ wá. Báyìí ni aṣọ kan ṣe ń di ogójì. Ṣùgbọ́n ta ni ó wọn àǹkárá náà kí ó tó fi bò ó?

Ẹ gbọ́ ìṣirò tí olùkọ́ èyíkéyìí lè gbé ka ojú pátákó. Mọ́dẹ́ẹ̀lì kan ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íńṣì 6, èyí tí í ṣe íńṣì 66. Nínú àwòrán, àwọn àmì wẹ́wẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwòrán jẹ́ 1,320 láti àtàrí rẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bí a bá fi 66 pín 1,320, íńṣì kọ̀ọ̀kan gba àmì 20. Nísinsìnyí, àǹkárá tí a ń tà ní òdòdó róbótó kan tí ó fẹ̀ ní íńṣì 9. Ó yẹ kí òdòdó náà gba àmì 180 nínú àwòrán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà kò wọn ohunkóhun. Ó sún àwòrán títí ó fi dùn ún wò, òdòdó sì di àmì 60. Ohun tí ojú oníbàárà rí ni òdòdó oníńṣì 3. Ẹgbẹ́ sanwó yáàdì mẹ́fà-mẹ́fà fún igba ènìyàn, aṣọ dé, òdòdó kan sì gba gbogbo àyà, ìdajì rẹ̀ bọ́ sí abẹ́ apá. Àwọ̀ kò yí padà, aṣọ kò sì ya. Síbẹ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ojú rí ni wọ́n rà.

Ẹni tí ó bá ní ojú inú lè mọ irú àwòrán yìí. Kí ó gbé méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí ìṣẹ́po abẹ́ ọyàn àti ti ìgbọ̀nwọ́ bá jẹ́ bákan náà nínú méjèèjì, aṣọ kan náà ni. Kí ó wo ojú rírán níbi tí apá ti so mọ́ àyà: nínú aṣọ gidi, batani máa ń já níbẹ̀, nítorí pé ègé aṣọ méjì ni a rán pọ̀, nínú àwòrán tí a fi bo aṣọ, batani yóò kọjá lórí ojú rírán gbọọrọ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Bákan náà ni ilà tí ó yẹ kí ó tẹ̀ níbi tí aṣọ ti ṣẹ́po yóò máa lọ tààrà.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá kò yọ sílẹ̀ nínú ọ̀ràn yìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, lẹ́yìn ìròyìn tí Aftonbladet gbé jáde ní Súwídìn, ilé-iṣẹ́ H&M jẹ́wọ́ pé ara tí ó wà nínú àwọn àwòrán àwọ̀tẹ́lẹ̀ obìnrin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì wọn kì í ṣe ara ènìyàn. Kọ̀ǹpútà ni ó ṣe é. Ọmọlangidi ni a ti ya fọ́tò aṣọ. Orí àwọn mọ́dẹ́ẹ̀lì gidi ni a sì gbé lé e. Àwíjàre wọn ni pé aṣọ ni àwọn fẹ́ fi hàn, kì í ṣe ara. A kò gba èyí wọlé. Kí ni ìwúlò àwọ̀tẹ́lẹ̀ bí kò ṣe pé kí ó bá ara mu? Ẹni tí ó bá sì mú ara kúrò ti mú ìbéèrè oníbàárà kúrò.

Mọ́dẹ́ẹ̀lì pàápàá ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ọmọbìnrin tí a sanwó iṣẹ́ òwúrọ̀ kan fún lè rí ara rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta nínú aṣọ tí kò ní gbà láti wọ̀ láéláé. Ìpínlẹ̀ Niu Yọ́ọ̀kì ní Amẹ́ríkà ti ṣe òfin kan tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lo àwòrán mọ́dẹ́ẹ̀lì tí kọ̀ǹpútà dá láìgba àṣẹ rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tí a fẹ́ fi ṣe, iye owó, àti iye àkókò. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa máa béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó dúró níwájú kámẹ́rà.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 ti ka ìpolówó ẹ̀tàn léèwọ̀, ó sì ti dá àjọ FCCPC sílẹ̀ láti máa mú un ṣẹ. A fẹ́ kí àjọ náà sọ ọ́ gbangba pé fọ́tò tí a fi aṣọ bò wà lára ohun tí òfin yìí kàn. Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò. Kí ó kọ ọ́ sí abẹ́ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ pé mọ́dẹ́ẹ̀lì kò wọ aṣọ yìí. Kí ó fi fọ́tò aṣọ gan-an kan tì í, tí a tẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú téèpù lórí rẹ̀. Kí ó sì kọ ìwọ̀n àyà, ìbàdí àti gígùn rẹ̀ ní íńṣì. Àwáwí owó kò sí nínú èyí: fóònù àti téèpù ti wà nílé.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí ń rajà ni owó náà ti ń jáde. Ẹ̀yin tí ẹgbẹ́ gbé owó aṣọ lé lọ́wọ́, ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ kan títí ẹ ó fi rí aṣọ náà lórí téèpù.