Omi iyọ̀ àti ọ̀rọ̀ tó ń lé wa sáré

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí Ẹbólà ti wọ Èkó, àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba orí fóònù kiri: ẹ fi omi iyọ̀ wẹ̀, kẹ́ ẹ sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́, kí àrùn náà má bàa ràn yín.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. "Kí ilẹ̀ tó mọ́" kì í ṣe ẹ̀rí rárá. Ìbẹ̀rù ni wọ́n fi ń lé èèyàn sáré, kó má bàa ráyè béèrè ọ̀rọ̀. Pé iyọ̀ ń dènà Ẹbólà ńkọ́? Àyẹ̀wò kankan ò fi hàn bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ lè má jẹ́ kí ẹran bàjẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹran orí àtẹ kọ́ ni ara èèyàn.

Ìròyìn ìgbà náà sọ pé ó kéré tán, èèyàn 2 kú nítorí omi iyọ̀ àmujù.

Torí náà, bí ọ̀rọ̀ bá ní kẹ́ ẹ sáré, ẹ kọ́kọ́ bi í: ta ló dán an wò?