Àmì Ohùn Nínú Àdììtú Ọ̀rọ̀

Àwọn olùkọ́ kan ń bínú pé àdììtú ọ̀rọ̀ inú àpótí, níbi tí ọ̀rọ̀ ìbú àti ti òòró ti ń pàdé, kì í lo àmì ohùn. Wọ́n ní a ń ba èdè wa jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ ya àpótí kéékèèké mẹ́sàn-án, mẹ́ta ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kun ti àárín ní dúdú, nítorí kọ́ńsónáǹtì kì í parí ọ̀rọ̀ wa, àfi "n" ìránmúpè. Ẹ kọ "ilé" sí ìbú òkè, "iṣu" sí ìbú ìsàlẹ̀, "igi" sí òòró òsì, "eku" sí òòró ọ̀tún. "E" kan ṣoṣo ni ó parí "ilé" tí ó sì bẹ̀rẹ̀ "eku". Ohùn òkè ni ó gbà nínú ti àkọ́kọ́, ohùn àárín nínú èkejì. Àmì wo ni a ó wá fi sí i?

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má yọ àmì abẹ́ lẹ́tà: "ṣ" kì í ṣe "s". Ìbéèrè ni kí ó ru ẹrù ohùn. Bí "ọkọ" bá jẹ́ ìdáhùn, kí a béèrè ohun tí a fi ń roko, kí a sì tẹ "ọkọ́" jáde lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú àmì rẹ̀.