Ó Ti Dàgbà Jù ní Ọdún 27

Ẹ̀yin ilé-iṣẹ́ tí ẹ máa ń kọ ọ́ sínú ìpolówó pé ẹni tó bá ti ju ọmọ ọdún 26 lọ kó má wulẹ̀ kọ̀wé wá, pàápàá ẹ̀yin báńkì, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ pè lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó wọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, n'Ífẹ̀ níbí, lọ́dún 2017, lẹ́ni ọdún 20, láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjinníà fún ọdún 5. Ó yẹ kó parí lẹ́ni ọdún 25. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹta 2020, ó di oṣù Kejìlá kí wọ́n tó wọlé. Ní oṣù Kejì 2022, wọ́n tún dá a sílẹ̀, oṣù 8 gbáko. Ká ní ọdún kan àtààbọ̀ péré ló bá a lọ, ó ti lé ní 26 kó tó jáde, àgùnbánirọ̀ ọdún kan sì ṣì ń dúró dè é. Ẹ ní kó mú ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ wá. Ó mú un dé, ẹ ní ó ti dàgbà jù! Ṣé òun ló daṣẹ́ sílẹ̀ ni?

Ẹ̀sùn kejì, ìjọba ló ni ín. Òfin iṣẹ́ ọba ní kí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìn tì tó bá pé ọmọ ọdún 60, tàbí tó bá ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá ṣáájú. Ẹni tó wọṣẹ́ akọ̀wé lẹ́ni ọdún 18 á lọ sílé lẹ́ni 53. Ẹni tó wọlé lẹ́ni 40 á ṣe é dé 60. Ẹni tó sìn pẹ́ jù ni wọ́n tètè lé. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí akọ̀wé yìí ń kí káàárọ̀ ládùúgbò ń ṣiṣẹ́ dé 70, òfin 2012 ló fún un. Láti 2023, adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga náà dé 70. Mi ò jowú wọn o. Ṣùgbọ́n níbo ni ẹni ọdún 53 fẹ́ gbà? Iṣẹ́ ọba kì í gba ẹni tó bá ti kọjá 50.

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ sọ èèyàn di òpùrọ́. Ẹni tó fẹ́ wọṣẹ́ á lọ búra ní kóòtù pé ọdún báyìí-báyìí ni wọ́n bí òun. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ìwé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jáde, tí ìṣirò sì fi hàn pé ọmọ ọdún 2 ló wọ kíláàsì kìíní, òun nìkan ni wọ́n á lé.

Ẹ̀yin aṣòfin l'Ábújá, tiyín kù. Nínú ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tìtorí rẹ̀ ya èèyàn sọ́tọ̀, Abala 42 ìwé òfin 1999 dárúkọ ẹ̀yà, ìlú, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn àti ìṣèlú. Kò dárúkọ ọjọ́ orí. Obìnrin tí wọ́n bá tìtorí pé ó jẹ́ obìnrin lé padà rí nǹkan dì mú. Ọmọ ọdún 27 wa yìí kò rí. Ẹ kọ ọ́ sí i.