Ìfẹ́sọ́nà Kì í Ṣe Intafíù Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ òní wà fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ tí ọkàn yín ń fà sí. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ bá wa kà á.

Ohun tí a máa ń rí ni pé ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ yín ń gbà. Àwọn kan á máa bi ara wọn pé "Ṣé ẹ ti jẹun? Ibi iṣẹ́ ńkọ́?" fún oṣù mẹ́fà gbáko, wọn ò sì ní mọ nǹkan kan nípa ara wọn. Àwọn kejì gbé àkọsílẹ̀ dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́: "Ṣé ẹ máa ń bínú? Ṣé ẹ mọ owó ná? Ọmọ mélòó lẹ fẹ́?" Ìyẹn kì í ṣe ìfẹ́sọ́nà mọ́. Ọlọ́pàá ló ń gba sítétimẹ́ǹtì yẹn.

Èrò tiwa ni pé bí ẹ bá fẹ́ mọ ìwà ènìyàn, ẹ má bi í léèrè irú ẹni tí ó jẹ́. Ẹ ní kí ó sọ ìtàn ohun tí ó ti ṣe rí. Ta ni ẹ rò pé ó máa dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, mo máa ń bínú gan-an, mo sì láhun"? Ìbéèrè tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ṣé", "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" ni ìdáhùn rẹ̀. Olúwarẹ̀ ti mọ èyí tó máa dùn mọ́ yín nínú, òun náà ló sì máa mú.

Ẹ tún ṣọ́ra fún "kí ló dé". Ní èdè wa, "Kí ló dé tí ẹ fi kúrò níbi iṣẹ́ yẹn?" dà bí ìbáwí. Ẹni tí ẹ bi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní, "Báwo ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn ṣe lọ gan-an?" á fẹ̀yìn ti àga, á sì máa rò fún yín.

Ẹ wo ìránṣẹ́ Ábúráhámù nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 24. Ó ń wá ìyàwó fún ọmọ ọ̀gá rẹ̀, síbẹ̀ kò bi Rèbékà bóyá ó lójú àánú. Omi díẹ̀ ló tọrọ. Ọmọbìnrin náà fún un mu, ó tún fúnra rẹ̀ sọ pé òun á pọn fún ràkúnmí mẹ́wàá tó wà níbẹ̀ títí wọn á fi yó. Ràkúnmí kan tí òùngbẹ ń gbẹ lè mu omi tó lítà 100, nítorí náà iṣẹ́ ńlá ni. Ọkùnrin yẹn dákẹ́, ó ń wò ó. Lẹ́yìn rẹ̀ ló tó béèrè ọmọ ẹni tí í ṣe. Ìbéèrè kékeré, àyè láti hùwà, lẹ́yìn náà ìdákẹ́jẹ́. Ọgbọ́n náà nìyẹn.

Ìbéèrè mẹ́ta péré la máa mú wá fún yín lónìí. Ẹ má bi gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan o! Ọ̀kan tó fún ìjókòó kan.

Èkíní: "Owó àkọ́kọ́ tí ẹ fi ọwọ́ yín ṣiṣẹ́ gbà, kí lẹ fi ṣe?" Ẹ̀rín ló sábà máa ń bá ìdáhùn rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ẹ ó gbọ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ rántí, bóyá ìyá rẹ̀ ni, tàbí bàtà tuntun, tàbí àwọn ọ̀rẹ́ tó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé owó ti dé.

Èkejì: "Ta ló ràn yín lọ́wọ́ kí ẹ tó débi tí ẹ dé yìí?" Ẹni tó moore á dárúkọ ènìyàn, á sì sọ ohun tí onítọ̀hún ṣe. Ẹni tó bá ní òun nìkan ló ja gbogbo ìjà òun, ẹ rọra, ẹ máa gbọ́ ìyókù.

Ẹ̀kẹta ló jinlẹ̀ jù: "Ẹni tí ẹ jọ gbé yàrá nílé ìwé ńkọ́? Báwo lẹ ṣe ń gbé pọ̀?" Yàrá kan náà, garawa omi kan náà, ìwà ò ṣeé fi pamọ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé arákùnrin kan bi arábìnrin kan ní ìbéèrè yìí. Arábìnrin náà rẹ́rìn-ín: "Ha, ẹ ò mọ ohun tójú mi rí! Gbogbo omi tí mo bá pọn ló máa fi wẹ̀." Bí arákùnrin yìí bá sáré bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn, ó ti pàdánù. Ó ní, "Kí lẹ wá ṣe?" Ó ní, "Mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì." Arákùnrin náà kò dá a lẹ́jọ́. Ó ní, "Báwo ló ṣe wá parí?" "Àìsàn ló ṣe é. Èmi ni mo gbé e lọ sí ọsibítù. Ibẹ̀ la ti sọ ọ́ tán, mo sì rí i pé ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ tipẹ́."

Ẹ wo ohun tí ìbéèrè kékeré mẹ́ta ti fà jáde. Bí inú bá bí arábìnrin yìí, ó máa ń dákẹ́. Inú rẹ̀ kò le débi pé kó fi ẹni tó ń ṣàìsàn sílẹ̀. Ó sì lè sọ ibi tí òun náà kù sí. Bí a bá ti bi í pé "Ṣé ẹ máa ń bínú?" ìkankan nínú rẹ̀ ò ní jáde.

Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Harvard gbé ìwádìí kan jáde lórí ìbéèrè nínú ìjíròrò. Wọ́n rí i pé ìbéèrè tó tẹ̀ lé ohun tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ló ń mú kí ènìyàn fẹ́ràn ẹni tó ń bi í. Nítorí náà, "Kí lẹ wá ṣe?" sàn ju ìbéèrè tuntun mẹ́wàá lọ.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti di intafíù? Ìdáhùn á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, òun náà ò sì ní bi yín ní nǹkan kan padà. Bí ẹ bá ti bi í ní ìbéèrè méjì láìsọ tiyín, ẹ dúró. Ẹ sọ ìtàn tiyín, pàápàá èyí tí kò gbé yín ga. Arákùnrin wa yẹn náà lè sọ bí òun àti ẹni tí wọ́n jọ gbé yàrá ṣe ń jà lórí fífọ ìkòkò. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún òun, kó ṣí tirẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ìtàn kan ò tó fi ṣèdájọ́. Àwọn kan wà tí ẹnu wọn dùn ju oyin lọ. Ẹ máa gbọ́ ohun tó bá ń padà wá nínú ìtàn mẹ́ta, mẹ́rin. Bó bá jẹ́ pé ọ̀gá rẹ̀ burú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ burú, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ àná burú, òun nìkan ṣoṣo ni kò jẹ̀bi rí, ẹ ti gbọ́ nǹkan. Kí ẹ sì fi ojú wo bó ṣe ń bá kọ̀ńdọ́ sọ̀rọ̀ lórí ṣéńjì, kí ẹ mọ̀ bóyá ẹnu àti ìwà bára mu.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà tí a kì í fi ìtàn wá. Jẹ́nótáìpù ni ọ̀kan. Bí ẹ bá ti rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ń lọ síbì kan, ẹ béèrè rẹ̀ ní tààrà, kí ẹ̀yin méjèèjì sì lọ ṣe àyẹ̀wò. AS pẹ̀lú AS, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin pé ọmọ lè jẹ́ SS. "Ṣé" ló yẹ ìyẹn, pẹ̀lú ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú yìí, lẹ́yìn ìsìn, ẹ mú ìbéèrè kan ṣoṣo. Ẹ bi í, kí ẹ sì dákẹ́ kí ó sọ ọ́ tán.