Kí Ni Ìjàpá Ń Wo Ẹ̀yìn Fún?

Ní kíláàsì àwọn àgbà kan lẹ́bàá Kétu, wọ́n ka àlọ́ Ìjàpá àti àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo aya rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kà á tán, olùkọ́ béèrè irú ẹni tí Ìjàpá jẹ́. Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé ọ̀kánjúwà ni. Obìnrin kan tí ń ta aṣọ lọ́jà, tí kò tíì pé ọdún kan tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé, fi ìka rẹ̀ tọ ìlà ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní: “Olùkọ́, ibo ni wọ́n kọ ọ̀kánjúwà sí níbí?” Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ fèsì pé kò sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kọjá sí ẹ̀kọ́ mìíràn.

Ìbéèrè obìnrin náà kò yẹ fún ẹ̀rín. Òun nìkan ni ó ka ìwé lọ́jọ́ náà. Àwọn yòókù kò ka àlọ́ yìí, òkìkí Ìjàpá tí wọ́n ti gbọ́ láti kékeré ni wọ́n tún sọ. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn tí wọn kò mọ̀ rí ni ìtàn náà dá lé lórí, kí ni wọn ì bá wí? Ẹni tí ó ti dá ẹjọ́ kí ó tó gbọ́ ẹjọ́ lè ṣe déédéé, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tí ó fi dá a.

Òtítọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú ìwé. Àlọ́ kì í sábà sọ ohun tí ó wà nínú ọkàn ẹni. Ó máa ń sọ ohun tí ẹni náà ṣe àti ohun tí ó fi ẹnu rẹ̀ wí, a sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tí ń gbọ́. Èyí kì í ṣe àléébù àlọ́. Báyìí náà ni ènìyàn ṣe ń gbé láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí a kọ inú rẹ̀ sí iwájú orí.

Obìnrin aláṣọ náà mọ èyí ju olùkọ́ lọ, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ní ọjà, ọ̀dọ́bìnrin kan a mú ìró kan lọ́wọ́, a ní: “Màmá, aṣọ yín yìí mà fúyẹ́ o. Àwọ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ tàn.” Màmá a dáhùn pé: “Ó dára, ọmọ mi, gbé e sílẹ̀ kí o lọ wo ti ibòmíràn.” Ọ̀dọ́bìnrin náà kò ní gbé e sílẹ̀. A tún tẹ́ ẹ, a fi lé èjìká, a tún ní kò dára. Màmá kò ní dín owó kù púpọ̀, nítorí ẹnu oníbàárà wí ohun kan, ọwọ́ rẹ̀ sì wí òmíràn. Ọwọ́ ni Màmá gbọ́. Ohun tí ó ń ṣe lójoojúmọ́ níwájú igbá aṣọ rẹ̀ ni ìwé ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un.

Ó yẹ, nígbà náà, kí a padà sórí àlọ́, kí a sì máa wo ọwọ́ Ìjàpá.

Yánníbo kò bímọ. Ìjàpá dìde, ó lọ bá babaláwo. Babaláwo se àsèjẹ, ó kìlọ̀ fún un pé Yánníbo nìkan ni kí ó jẹ ẹ́, kí ẹlòmíràn má ṣe tọ́ ọ wò. Títí dé ibí, kò sí ìwà burúkú kan. Ìjàpá ni ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ, kò rán ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ń fẹ́ ọmọ ni ó ṣe bẹ́ẹ̀, tàbí ẹni tí ń bẹ̀rù ohun tí àwọn ará ilé ń wí, tàbí méjèèjì. Àlọ́ kò sọ èyí tí ó jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó sáré pè é ní ọ̀kánjúwà ti fo ìrìn yìí, bẹ́ẹ̀ ìrìn yìí ni ó mú kí ohun tí ó tẹ̀ lé e dunni. Kì í ṣe ọ̀tá Yánníbo ni ó jẹ oògùn rẹ̀, ẹni tí ó lọ wá a fún un ni.

Lójú ọ̀nà, òórùn ọbẹ̀ náà ń ta sí i nímú. Bí ọ̀pọ̀ àgbà ti ń pa á, Ìjàpá dúró, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó ṣí ìkòkò, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó lá a. Ó dé e padà, ó tún rìn díẹ̀. Ó tún dúró, ó tún ṣí i. Kí ó tó dé ilé, kò sí nǹkan kan mọ́ nínú ìkòkò.

Ìṣe méjì ni ó yẹ kí òǹkàwé dúró lé lórí níbí. Èkíní ni wíwo ẹ̀yìn. Ẹni tí kò mọ̀ pé ohun tí òun fẹ́ ṣe kò tọ́ kì í wo ẹ̀yìn. Ẹni tí ebi ń pa, tí ó sì ní oúnjẹ ara rẹ̀ lọ́wọ́, a jókòó, a jẹun. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè ní Ìjàpá gbàgbé ìkìlọ̀ babaláwo. Ọrùn rẹ̀ tí ó yí padà ti jẹ́rìí pé ó rántí.

Èkejì ni dídé ìkòkò padà. Àwọn tí ń kàwé kíákíá kì í rí èyí. Ọ̀kánjúwà pọ́ńbélé ì bá jẹ ẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjàpá dé e, ó sì rìn. Ìyẹn ni pé nǹkan kan nínú rẹ̀ ń sọ pé ó tó, nǹkan mìíràn sì ń sọ pé kò tó. Kò sí ibi tí àlọ́ ti wí pé inú Ìjàpá pín sí méjì. Ìdérí ìkòkò tí ó ń ṣí tí ó sì ń padé ni ó wí i. Bí ó ti wù kí ó rí, ìgbà tí ìkòkò gbẹ ni ènìyàn lè sọ èyí tí ó borí nínú àwọn méjèèjì. Nígbà yìí ni ọ̀rọ̀ ọ̀kánjúwà rí ẹsẹ̀ dúró lé, kì í ṣe ṣáájú. Lílá ẹ̀ẹ̀kan lè jẹ́ ebi, ó lè jẹ́ ìtọ́wò lásán. Ìṣe kan ṣoṣo kò tó láti fi mọ ènìyàn. Nígbà tí ó bá tún un ṣe, tí ó sì tún un ṣe, ni àwọn ìdí yòókù yóò máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà ni ikùn Ìjàpá wú, tí ó sì gba ọ̀dọ̀ babaláwo lọ. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń sọ pé ìtìjú ni kò jẹ́ kí ó kọjú sí aya rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ìwòsàn wà ni aláìsàn ń lọ, babaláwo ni ó sì ni oògùn. Àlàyé méjèèjì bá ìṣe yìí mu, nítorí náà ìṣe yìí nìkan kò lè yàn láàárín wọn. Bí ìwé tí ènìyàn ń kà bá sọ pé ó kọ́kọ́ dé ilé, tí ó sì bo ikùn kí Yánníbo má baà rí i, ìtìjú ni. Bí ó bá jẹ́ pé ojú ọ̀nà ni ikùn ti wú, tí ó sì yí padà níbẹ̀, kí òǹkàwé dá ọwọ́ dúró. Àlọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹnu tí ń pa á yàtọ̀, èyí tí ó wà níwájú ẹni ni kí ẹni kà.

Ọ̀rọ̀ ẹnu Ìjàpá ni ó tan ìmọ́lẹ̀ jùlọ. Ó bẹ babaláwo. Ó ní gbòǹgbò ni ó gbé òun ṣubú, pé ọbẹ̀ ta sí òun lọ́wọ́, pé ọwọ́ náà sì ṣèèṣì kan ẹnu. Kí òǹkàwé wo ẹni tí ń ṣe nǹkan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gbòǹgbò ṣe, ọbẹ̀ ṣe, ọwọ́ ṣe. Ìjàpá fúnra rẹ̀ kò ṣe ohunkóhun, ńṣe ni nǹkan ń ṣẹlẹ̀ sí i. Ó ti fi gbogbo ohun tí ó wà lójú ọ̀nà jẹ ẹlẹ́bi tán, kò sì ku ẹnìkan bí kò ṣe òun. Ẹ̀wẹ̀, ọbẹ̀ tí ó ta sí ọwọ́ kò lè ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ. Ìkòkò òfìfo kò bá ọ̀rọ̀ náà mu.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ àti ìṣe kò bá bá ara wọn mu, àwọn kan a ju ọ̀rọ̀ náà nù pé irọ́ ni. Àṣìṣe ńlá nìyẹn. Ìkòkò ni ó ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ náà ni ó ń sọ ohun tí ń bẹ nínú Ìjàpá. Ẹni tí ojú kò tì ì bá wí pé, “Ọbẹ̀ yín dùn, baba, mo jẹ ẹ́.” Ìjàpá kò lè wí i. Ó ń wá gbòǹgbò káàkiri nítorí pé ó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí, kò sì lè fi ẹnu ara rẹ̀ pè é. Ìtìjú tí ìrìn rẹ̀ kò lè fi hàn dájú ni irọ́ rẹ̀ fi hàn.

Ó ku Yánníbo. Nígbà tí olùkọ́ kan náà béèrè bí inú rẹ̀ ti rí, wọ́n ní inú rẹ̀ bàjẹ́, ó sunkún, ó bínú. Ẹnìkan tilẹ̀ ní ó ti gbé omi kaná de ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wí i kò kà á, ara rẹ̀ ni ó fi kún un. Nínú ìwé tí wọ́n ń kà, Yánníbo kò sọ gbólóhùn kan, kò sì ṣe ohun kan. Òun ni ó ni ìyà ọ̀rọ̀ yìí, òun ni wọn kò sì fún ní ẹnu. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìbínú, kì í sì í ṣe ìfaradà. Ẹni tí ó pa àlọ́ náà ni kò bi í.

Obìnrin aláṣọ náà kò dáhùn lọ́tẹ̀ yìí. Ó tún fi ìka tọ ìlà ìwé náà, ó ń wá ibi tí Yánníbo wà.