"Ìpàdé Wà Lọ́la" Kì í Ṣe Ìwé Ìpè

"Ẹ kú alẹ́ o. Ìpàdé pàjáwìrì wà lọ́la, aago mẹ́rin, níbi tí a ti máa ń ṣe é. Ó ṣe pàtàkì gan-an. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pẹ́."

Kò sí ẹni tó ti ṣe ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rí tí irú ọ̀rọ̀ yìí kò tíì dé sórí Wọ́sáàpù rẹ̀. Èmi pàápàá ti kọ irú rẹ̀ rí, nítorí náà n kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé bí ìpàdé wa bá ń parí láìsí ìpinnu, a máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn tó pẹ́, àwọn tó ń pariwo àti àwọn tí kò wá. Lójú tèmi, inú ìwé ìpè ni ìpàdé ti máa ń bàjẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ ṣe rí fún àwa kan lọ́dún tó kọjá. Ọjọ́ Àṣà ń bọ̀, a sì fẹ́ mọ aṣọ tí a ó wọ̀. Ìkéde tí mo kọ sókè yẹn ni wọ́n fi pè wá. Aago méjìlá òru ku ogún ìṣẹ́jú ni akọ̀wé fi í ránṣẹ́, ọ̀pọ̀ wa kò sì kà á títí ilẹ̀ fi mọ́. "Lọ́la" tí akọ̀wé ní lọ́kàn ti di òní fún àwa tí a ń kà á. Àwọn ọdún kìíní kò mọ "ibi tí a ti máa ń ṣe é", nítorí wọn kò bá wa ṣe é níbẹ̀ rí. Àwọn ọdún kejì ní ìdánwò kékeré ní aago mẹ́rin gan-an.

Àwa tí a débẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ọ̀rọ̀ aṣọ ni. Ẹnì kan ní kí a ra àdìrẹ, ẹlòmíràn ní ankará. Èló ni àdìrẹ? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Èló ló wà lápò ẹgbẹ́? Akápò kò mú ìwé owó wá, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé a ó béèrè. A fi wákàtí méjì sọ ohun tí ojú wa fẹ́, a sì sún un síwájú. Ní ìpàdé kejì, àwọn mìíràn ló wá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ẹ̀kẹta, a dìbò fún àdìrẹ, àmọ́ ènìyàn mẹ́rìnlá péré ni a jẹ́, òfin ẹgbẹ́ wa sì sọ pé ìdá kan nínú mẹ́ta ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ pé kí ìpinnu tó lè dúró. Àwa 48 ni, ìyẹn ni pé ènìyàn 16 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ìgbà tí ẹnì kan fi rántí òfin yìí, ènìyàn 11 ti san ₦6,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, aláṣọ sì ti pa á láró. Lọ́jọ́ Àṣà, oríṣi aṣọ mẹ́ta ni a wọ̀. Ọmọ ọdún kìíní kan tó fi owó oúnjẹ rẹ̀ san ti àdìrẹ kò bá wa ṣe nǹkan kan mọ́ láti ọjọ́ náà. Kò sì sí ohun tí mo lè sọ fún un.

Ní ọdún yìí, a pe ìpàdé kan péré lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìkéde jáde, Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e ni ìpàdé. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

"Ìpàdé ẹgbẹ́: Ọjọ́rú, ọjọ́ 4 oṣù Ẹrẹ́nà, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tó kángun lápá òsì, àjà kejì, ilé ẹ̀ka wa.

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn: Nínú méjì yìí, èwo ni a ó wọ̀ lọ́jọ́ Àṣà? (1) Àdìrẹ látòkè délẹ̀, ₦6,500. (2) Fìlà àti gèlè àdìrẹ nìkan lórí aṣọ funfun tí oníkálukú ní nílé, ₦2,500. ₦60,000 ni ẹgbẹ́ lè fi ràn wá lọ́wọ́, ìyẹn ₦1,250 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ohun tí ìwọ fúnra rẹ yóò san jẹ́ ₦5,250 fún èkínní tàbí ₦1,250 fún èkejì.

Kí o tó wá: wo àwòrán aṣọ méjèèjì tó wà nísàlẹ̀ ìkéde yìí. Aṣojú ọdún kọ̀ọ̀kan yóò bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè iye tí agbára wọn ká, yóò sì mú iye náà wá. Akápò yóò mú ìwé owó wá.

Bí a ó ṣe pinnu: ìbò ni, èyí tó bá pọ̀ jù ló wọlé. Ènìyàn 16 ló gbọ́dọ̀ pé. Bí a kò bá pé 16, a ó tún pàdé ní Ọjọ́bọ̀, aago kan náà, ibì kan náà. Ẹni tí kò ní lè wá, kó fi èrò rẹ̀ rán aṣojú ọdún rẹ̀.

Ìdí tí kò fi lè kọjá ọ̀sẹ̀ yìí: owó gbọ́dọ̀ pé ní ọjọ́ 11, aláṣọ yóò kó aṣọ dé ní ọjọ́ 18, aránṣọ yóò parí ní ọjọ́ 25. Ọjọ́ 27 ni Ọjọ́ Àṣà."

Ènìyàn 31 ló wá. A lo ìṣẹ́jú márùn-ún láti ka iye owó, a jiyàn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 25, a sì dìbò. Fìlà àti gèlè ló wọlé. Èmi fẹ́ àdìrẹ látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n aṣojú ọdún kìíní dìde, ó ní nínú àwọn mẹ́tàlá tí òun bi, mẹ́sàn-án ni kò lè san ju ₦2,000 lọ. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Bí kò bá jẹ́ pé wọ́n ti ní kó béèrè ṣáájú, ohùn àwọn mẹ́sàn-án yẹn kò ní dé inú yàrá náà.

Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìkéde yìí, mẹ́ta ni mo kà sí òpó.

Èkínní ni ìbéèrè. Bí a bá kọ "ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́", orí ọ̀rọ̀ lásán ni, ọ̀rọ̀ sì lè gba ibikíbi lọ. Bí a bá kọ "èwo nínú méjì yìí?", gbogbo ènìyàn mọ̀ ìgbà tí iṣẹ́ parí. Bí ẹni tó ń pe ìpàdé kò bá lè sọ ohun tó fẹ́ kí a pinnu di ìbéèrè kan ṣoṣo, ó yẹ kó tún lọ ronú. Bí kò bá sì sí ohun tí a fẹ́ pinnu, tó jẹ́ pé ìròyìn lásán ni, ẹ kọ ìròyìn náà ránṣẹ́, kí oníkálukú jókòó sílé rẹ̀.

Èkejì ni ohun tí a ó ṣe ká tó dé. Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àmọ́ "ẹ múra sílẹ̀ dáadáa" kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ẹ dárúkọ iṣẹ́, ẹ dárúkọ ẹni tí yóò ṣe é. Iṣẹ́ yìí náà ló ń sọ bí ìkéde ṣe gbọ́dọ̀ yá tó. Ọjọ́ márùn-ún tó fún wa nítorí pé bíbéèrè lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ kò gba ju ọjọ́ méjì mẹ́ta lọ. Bí ẹnì kan bá ní láti lọ sí ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta lọ béèrè iye owó, a jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán.

Ẹ̀kẹta ni bí ìpinnu yóò ṣe wáyé: ta ló ń dìbò, ènìyàn mélòó ló gbọ́dọ̀ pé, kí ni a ó ṣe bí wọn kò bá pé. Ohun tó pa wá lára lọ́dún tó kọjá nìyí. Àwọn tó ṣe òfin náà mọ̀ ọ́n. Òfin ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà ti ọdún 2020 ní kí ilé-iṣẹ́ fún àwọn onípìn-ín rẹ̀ ní ọjọ́ 21 kí ìpàdé gbogbogbò tó wáyé. Ó sì ní kí ìkéde sọ ibi, ọjọ́, àkókò àti irú ọ̀rọ̀ tí wọn yóò sọ, ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ tí ẹni tó gbà á fi lè mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun lọ tàbí kí òun má lọ. Èmi fẹ́ràn òdiwọ̀n yẹn. Ó túmọ̀ sí pé ẹni tí kò wá mọ ohun tí òun kò wá fún.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bínú sí "àti ọ̀rọ̀ mìíràn" tó máa ń gbẹ̀yìn ètò ìpàdé wa. Ẹ lè fi í sílẹ̀ fún ìkíni àti ìkéde, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má pinnu ọ̀rọ̀ owó lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó jókòó sílé nítorí pé ọ̀rọ̀ aṣọ kò kàn án kò gbọ́dọ̀ jí lọ́jọ́ kejì kó gbọ́ pé wọ́n ti fi kún owó ẹgbẹ́.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ: ta ni yóò ka ìkéde gígùn báyìí? Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ọjọ́, ibi àti ìbéèrè ló gbọ́dọ̀ wà lókè pátápátá, kí ẹni tó ka ìlà mẹ́ta péré má pàdánù wọn. Èyí tó kù wà nísàlẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo sì gbà pé ìwé ìpè kò lè wo gbogbo àrùn sàn. Bí ààrẹ bá ti bá aláṣọ ṣàdéhùn ní ìkọ̀kọ̀ kó tó pè wá, kò sí ìkéde tó lè sọ ìpàdé náà di ìpàdé gidi.

Àwa tí a ń kọ́ nípa àrokò ní kíláàsì mọ̀ pé owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ lè sọ fún ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí pé ọkàn wa fà sí i. Ó dùn mọ́ni, àmọ́ kò sọ aago. Kí ẹ tó tẹ ìkéde yín ránṣẹ́, ẹ fi han ọmọ ọdún kìíní kan tí kò sí nínú ìgbìmọ̀. Ẹ bi í pé: níbo ni, kí ni a fẹ́ pinnu, kí ni ìwọ yóò mú wá? Bí kò bá lè dáhùn ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má tíì fi ránṣẹ́.